Bí A Ṣe Ń Fi Bírò Wá Fóltéèjì Ibùdó Iná Mẹ́ta

Bí wọ́n bá sọ fún ẹnjiníà iná pé ìlú kan yóò lo mẹ́gáwáàtì 90 lálẹ́ òní, a lè rò pé wọ́n ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un. Ó ṣì kù. Kọ́ráǹtì tí ìlú náà máa fà lórí wáyà dá lórí fóltéèjì tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn: bí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀, kọ́ráǹtì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i kí mẹ́gáwáàtì 90 tó pé. Fóltéèjì tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn náà sì dá lórí kọ́ráǹtì, nítorí pé bí kọ́ráǹtì bá ṣe pọ̀ tó lórí wáyà ni fóltéèjì ṣe máa ń dínkù tó kó tó dé òpin ọ̀nà. Èyí ń dúró de ìyẹn, ìyẹn ń dúró de èyí. Bí wáyà bá so ìlú náà mọ́ ìlú mìíràn, tí ìyẹn náà ń fa iná tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á tún lọ́ pọ̀ sí i, torí ohun tí ìlú kan bá ṣe máa hàn lára fóltéèjì ìkejì.

Iṣẹ́ tó ń tú ìdè yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní lóòdù-fúlò: wíwá fóltéèjì gbogbo ibùdó iná àti iye agbára tó ń gba orí wáyà kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí a mọ̀ kò ju iye tí àwọn ènìyàn fẹ́ lò lọ. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Òṣogbo ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń darí wáyà ńláńlá gbogbo orílẹ̀-èdè wà, àwọn wáyà kílófóòtì 330 àti 132. Kí irú ibi bẹ́ẹ̀ tó lè sọ pé kí wọ́n pa wáyà kan fún àtúnṣe, ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn wáyà tó kù. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é báyìí. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi bírò àti ìwé ṣe ti ibùdó mẹ́ta péré rí á mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ní inú rẹ̀, á sì mọ ìgbà tí kò yẹ kó gba èsì rẹ̀ gbọ́.

Ọgbọ́n tí a máa lò ti pẹ́. Ní ọdún 1823, Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, kọ lẹ́tà sí ẹni tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, Gerling, nípa ọ̀nà kan láti yanjú ọ̀pọ̀ ìdọ́gba tó so kọ́ra wọn nígbà tí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀. Ó ní téèyàn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ pàápàá, ó lè máa ṣe é. Ọ̀nà náà ni pé kéèyàn méfò ìdáhùn, kó fi ìméfò náà ṣe ìṣirò, kó gba ohun tó jáde gẹ́gẹ́ bí ìméfò tuntun, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Seidel, ará Jámánì bíi tirẹ̀, tẹ ìwé jáde lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1874. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, Ward àti Hale gbé e wọ inú iṣẹ́ iná ní 1956. Ṣáájú ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ àwòṣe kékeré gbogbo wáyà ìlú sínú yàrá kan, tí wọ́n á máa fi míta wọn fóltéèjì lára rẹ̀.

Ibùdó mẹ́ta tí a máa lò nìyí. Mo fúnra mi ni mo yan iye wọn, ṣùgbọ́n irú iye tí wáyà kílófóòtì 132 máa ń ní ni. Ibùdó kìíní ni iná ti ń wá. Ibùdó kejì ń lo mẹ́gáwáàtì 90, ìkẹta ń lo mẹ́gáwáàtì 80. Wáyà kan so ìkínní mọ́ ìkejì, òmíràn so ìkínní mọ́ ìkẹta, òmíràn sì so ìkejì mọ́ ìkẹta, tí gbogbo rẹ̀ fi di igun mẹ́ta.

Mẹ́gáwáàtì nìkan kọ́ ni ẹrù tí ìlú ń gbé ka orí wáyà. Mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta, fáànù, fíríìjì àti tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ ní agbára òòfà nínú kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Agbára òòfà yìí kì í jóná, kì í sì í yí padà di iṣẹ́; ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ẹ̀rọ àti ibi tí iná ti ń wá. Mẹ́gáfáà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ibùdó kejì ń fẹ́ mẹ́gáfáà 45, ìkẹta ń fẹ́ 40. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sọ́kàn, torí àwọn ló máa fa fóltéèjì wálẹ̀ jù.

Ká tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, a ní láti gbé gbogbo iye sórí òṣùwọ̀n kan tó rọrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní pà-yúnìtì. A yan iye méjì gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, a sì pín ohun gbogbo sí wọn. Ìpìlẹ̀ fóltéèjì wa ni kílófóòtì 132, ìpìlẹ̀ agbára wa ni 100. Nítorí náà mẹ́gáwáàtì 90 di 0.9, mẹ́gáfáà 45 di 0.45, 80 di 0.8, 40 di 0.4. Fóltéèjì tó bá jẹ́ kílófóòtì 132 gan-an di 1. Ìdènà wáyà náà ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, tó ń wá láti ara méjèèjì: 132 lọ́nà 132, ká pín in sí 100, ó jẹ́ óòmù 174.24. Wáyà kílófóòtì 132 máa ń ní ìdènà bíi óòmù 0.4 ní kìlómítà kan. Wáyà tó gùn tó kìlómítà 44 á wá ní bíi óòmù 17.6, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 0.1 ní pà-yúnìtì. Èyí ni wáyà láti ìkínní sí ìkejì. Méjì tó kù gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí náà 0.2 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àǹfààní pà-yúnìtì ni pé ojú máa ń tètè rí àṣìṣe. Fóltéèjì ibùdó tó dára kì í jìnnà sí 1. Bí ìṣirò bá bí 0.4 tàbí 1.7, ọwọ́ ti ṣì níbì kan, kò sì di ìgbà tí a bá lọ wo òpó iná kí a tó mọ̀. Bí wáyà wa bá tún gba inú tiransifọ́mà láti 330 sí 132, tí a bá ti yan ìpìlẹ̀ fóltéèjì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́nà tó bá tiransifọ́mà náà mu, ìlọ́po àárín wọn á pòórá kúrò nínú ìṣirò. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí ìpìlẹ̀ padà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tiransifọ́mà á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, torí ìdènà wáyà tó wà níbẹ̀ á wúwo tàbí á fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kan ṣì kù láti ṣàlàyé, òun náà ni lẹ́tà j tí ẹ máa rí nínú ìṣirò. Iná tí à ń lò nílé máa ń gòkè sódì, á sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gòkè-sọ̀ yìí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbi gbogbo. Ibi tó ń gba iná máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ibi tó ń fi iná ránṣẹ́. Nítorí náà, iye kan ṣoṣo kò tó láti sọ fóltéèjì ibùdó kan. A nílò méjì: apá iwájú àti apá ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá kọ 0.98 − j0.10, ohun tí mo ń sọ ni pé kẹ́ ẹ rìn 0.98 síwájú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rìn 0.10 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí ẹ ṣe jìnnà sí ibi tí ẹ ti gbéra ni bí fóltéèjì náà ṣe tóbi tó. Bí ẹ ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà tààrà ni bó ṣe pẹ́ sí. Láti fi j sọ iye kan di púpọ̀ jẹ́ láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kọjú sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí j lọ́nà j fi jẹ́ −1. Kò sí awo mìíràn nínú rẹ̀. Àmì ìràwọ̀ tí ẹ máa rí lára V2* túmọ̀ sí fóltéèjì kan náà, tí a yí àmì apá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà láti − sí + tàbí láti + sí −.

Níbi tí iná ti ń wá, ìyẹn ibùdó kìíní, ẹ̀rọ amúnáwá mú fóltéèjì dúró sí 1.05, èyí tó jẹ́ kílófóòtì 138.6. A sì pinnu pé ibẹ̀ ni a ti ń wọn pípẹ́ gbogbo ibùdó yòókù, nítorí náà apá ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ jẹ́ òfo. Àwọn ẹnjiníà ń pe irú ibùdó yìí ní sìláàkì. Òun nìkan ni a kò sọ iye agbára tó máa mú wá fún, torí a kò lè mọ̀ ọ́n ṣáájú: ohunkóhun tí àwọn ibùdó yòókù bá fẹ́, pẹ̀lú ohun tí wáyà bá jẹ lójú ọ̀nà, òun ló máa san án.

Ẹ wá wo ibùdó kejì. Kọ́ráǹtì tó ń wọlé síbẹ̀ láti orí wáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ìlú ń fà. Wáyà tó ní ìdènà 0.1 máa ń jẹ́ kí kọ́ráǹtì kọjá ní ìwọ̀n 1 pín sí 0.1, ìyẹn 10. Wáyà 0.2 ní ìwọ̀n 5. Bí a bá kọ ìdọ́gba yìí sílẹ̀, tí a fi V2 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó jáde ni:

15 V2 = 10 V1 + 5 V3 − (0.45 + j0.9)/V2*

Ká pín gbogbo rẹ̀ sí 15, ká sì ṣe ti ibùdó kẹta lọ́nà kan náà:

V2 = (2 V1 + V3)/3 − (0.03 + j0.06)/V2*

V3 = (V1 + V2)/2 − (0.04 + j0.08)/V3*

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wo ìlà méjì yìí dáadáa, torí gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú wọn. Apá kìíní sọ pé fóltéèjì ibùdó kan jẹ́ àárín fóltéèjì àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ìkínní ní ìpín méjì lára ibùdó kejì, ìkẹta ní ìpín kan, nítorí pé wáyà tó wá láti ìkínní nípọn lọ́nà ìṣirò ju ti ìkẹta lọ. Bí ìlú kejì kò bá lo iná rárá, ibi àárín yẹn ni fóltéèjì rẹ̀ máa jókòó sí. Apá kejì ni ohun tí lílo iná ń fà á kúrò ní àárín náà. Ẹ wò ó: 0.45, tó jẹ́ agbára òòfà, ló bọ́ sí apá iwájú, tó ń gé títóbi fóltéèjì kù. 0.9, tó jẹ́ mẹ́gáwáàtì, bọ́ sí apá ẹ̀gbẹ́, tó ń mú kí ó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mẹ́gáfáà ló ń fa fóltéèjì wálẹ̀ jù.

Ìṣòro tí a fi bẹ̀rẹ̀ náà hàn níbẹ̀: V2 wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà rẹ̀, V3 sì wà nínú ti V2. A ò lè yanjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà a máa méfò. Ìméfò tó bọ́gbọ́n mu jù ni pé kò sí nǹkan tó ṣe fóltéèjì níbikíbi: V2 jẹ́ 1, V3 jẹ́ 1.

Ìyípo kìíní rọrùn gan-an, torí pípín sí 1 kò yí nǹkan padà. Fún ibùdó kejì, 2 lọ́nà 1.05 jẹ́ 2.1, ká fi 1 kún un, ká pín in sí 3, ó jẹ́ 1.0333. Ká yọ 0.03 + j0.06 kúrò, V2 di 1.0033 − j0.0600. Níbi tí a dé yìí ni ọgbọ́n Seidel wà: a kì í dúró kí ìyípo parí kí a tó lo iye tuntun. Bí V2 tuntun ṣe jáde ni a ti fi í ṣe ti V3. Àárín 1.05 àti 1.0033 − j0.0600 jẹ́ 1.0267 − j0.0300. Ká yọ 0.04 + j0.08, V3 di 0.9867 − j0.1100.

Ní ìyípo kejì, V2* kì í ṣe 1 mọ́, pípín náà sì fẹ́ ìfarabalẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé dípò ká pín sí V2*, ká fi V2 fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ká wá pín in sí títóbi V2 lọ́nà títóbi V2. Títóbi lọ́nà títóbi náà ni 1.0033 lọ́nà ara rẹ̀, ká fi 0.06 lọ́nà ara rẹ̀ kún un, ó jẹ́ 1.0103. Bí a bá sọ 0.03 + j0.06 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.0033 − j0.06, a rí 0.0337 + j0.0584. Ká pín in sí 1.0103: 0.0334 + j0.0578. Àárín àwọn aládùúgbò wá jẹ́ 2.1 àti 0.9867 − j0.11, tí a pín sí 3, ìyẹn 1.0289 − j0.0367. Ká yọ ọ̀kan kúrò lára ìkejì, V2 di 0.9955 − j0.0945. Lọ́nà kan náà V3 di 0.9738 − j0.1229.

Láti ibí lọ, iṣẹ́ kan náà ni, èyí tí Gauss ní ẹni tó ń tòògbé lè ṣe. Ìyípo kẹta fún wa ní 0.9891 − j0.0978 àti 0.9689 − j0.1247. Ìkẹrin: 0.9870 − j0.0987 àti 0.9674 − j0.1253. Ìkarùn-ún: 0.9864 − j0.0990 àti 0.9670 − j0.1255. Ìkẹfà: 0.9862 − j0.0990 àti 0.9668 − j0.1256. Ẹ tẹ̀ lé apá iwájú V3 nìkan. Láti ìyípo kìíní sí ìkejì ó yí ní 0.0129. Lẹ́yìn náà ó yí ní 0.0049, ó wá yí ní 0.0015, lẹ́yìn rẹ̀ 0.0004, lẹ́yìn rẹ̀ 0.0002 tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta àṣìṣe tó kọjá nìkan dání. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ ṣe é síwájú, ó máa balẹ̀ sí 0.9861 − j0.0991 àti 0.9668 − j0.1256.

Ṣùgbọ́n pé iye kan ti dúró sójú kan kò fi hàn pé òun ni òtítọ́. Ó ní ọ̀nà kan tí a lè fi dán an wò, tí mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fo. Nínú àwòṣe wa a ka wáyà sí ohun tí kì í gbóná, tí kì í jẹ mẹ́gáwáàtì kankan. Nítorí náà mẹ́gáwáàtì tó bá jáde láti ibùdó kìíní gbọ́dọ̀ jẹ́ 170 géérégé, ìyẹn 90 àti 80. Mẹ́gáwáàtì tó ń jáde rọrùn láti wá nínú ọ̀ràn tiwa: a sọ apá ẹ̀gbẹ́ V2 di ìlọ́po 10, a sọ ti V3 di ìlọ́po 5, a pa wọ́n pọ̀ láìka àmì ìyọkúrò sí, a sì fi 1.05 sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn ìyípo kìíní, 120.8 nìkan ló jáde. Ibùdó kìíní ń fi 120.8 ránṣẹ́, àwọn tó kù ní àwọn ń gba 170, irọ́ ni. Lẹ́yìn ìkejì ó di 163.7, lẹ́yìn ìkẹta 168.2, lẹ́yìn ìkẹrin 169.4, lẹ́yìn ìkẹfà 169.9. Ẹni tó bá dúró ní ìyípo kẹta torí pé fóltéèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣì ní mẹ́gáwáàtì méjì tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi wo bí fóltéèjì ṣe yí nìkan. Wọ́n á wo bóyá agbára tó wọlé bá èyí tó jáde mu ní ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Àyẹ̀wò kan náà ló ń tú àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù fó. Ẹni tó bá gbàgbé ìràwọ̀, tó pín sí V2 dípò V2*, máa rí i pé ìṣirò rẹ̀ ṣì ń balẹ̀ jẹ́jẹ́, iye rẹ̀ sì ṣì ń sún mọ́ 1 bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tó máa fu ú lára. Àfi nígbà tó bá ka mẹ́gáwáàtì, tó bá rí i pé ó ti kọjá 170 dáadáa. Àṣìṣe kejì ni àmì ẹrù. Bí èèyàn bá fi + sí ibi tó yẹ kó fi − sí, ó ti sọ ìlú tó ń lo iná di ilé-iṣẹ́ amúnáwá. Fóltéèjì á ga ju ti ibùdó kìíní lọ, apá ẹ̀gbẹ́ á sì yí sí òsì. Èyí rọrùn láti rí. Ti ìràwọ̀ ló burú.

Nígbà tí fóltéèjì ti wà lọ́wọ́, a lè sọ ohun tí ẹni tó wà ní yàrá ìdarí ń fẹ́ gbọ́. Títóbi fóltéèjì ibùdó kejì jẹ́ 0.991, ìyẹn kílófóòtì 130.8, ó sì pẹ́ ní dígírì 5.7. Ti ìkẹta jẹ́ 0.975, kílófóòtì 128.7, ó pẹ́ ní dígírì 7.4. Wáyà láti ìkínní sí ìkejì ń gbé mẹ́gáwáàtì 104, èyí láti ìkínní sí ìkẹta ń gbé 66. Ìlú kejì kò nílò ju 90 lọ. 14 tó ṣẹ́ kù gba inú ibùdó rẹ̀ kọjá lọ sí ìkẹta, láti fi kún 66 kó lè pé 80. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kó pín bẹ́ẹ̀. Àwọn wáyà fúnra wọn ló pín in gẹ́gẹ́ bí ìdènà wọn, ohun tí ẹni tó ń pa wáyà kan fún àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú nìyẹn.

Agbára òòfà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdó kìíní mú mẹ́gáfáà 110.8 jáde, ṣùgbọ́n àwọn ìlú méjèèjì gba 85 péré. Mẹ́gáfáà 25.8 tó kù, wáyà ló jẹ ẹ́ láti fi gbé òòfà tó yí òun fúnra rẹ̀ ká dúró.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àwòṣe wa kò dé. Wáyà gidi máa ń gbóná, ó sì ń jẹ mẹ́gáwáàtì díẹ̀; bí a bá fi ìyẹn kún un, ìyípo kan náà la máa ṣe, ṣùgbọ́n iye tí a ń fi pín á ní apá méjì, àyẹ̀wò 170 á sì di 170 pẹ̀lú ohun tí wáyà jẹ. Ibùdó tó bá ní ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀ máa ń mú títóbi fóltéèjì dúró, mẹ́gáfáà rẹ̀ ni a kì í mọ̀. Nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan a máa kọ́kọ́ ṣe ìṣirò mẹ́gáfáà náà ká tó fọwọ́ kan fóltéèjì. Bí ibùdó bá sì pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún, ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan máa ń gba ọ̀pọ̀ ìyípo kó tó dé ìpẹ̀kun kejì, torí aládùúgbò nìkan ni ibùdó kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà Newton, èyí tí Tinney àti Hart gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ iná ní 1967, fi gba ipò rẹ̀ níbi wáyà ńláńlá.

Ó tún ní ìgbà kan tí ìṣirò kò ní balẹ̀ rárá, tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń ṣe é. Bí a bá sọ ẹrù ìlú méjèèjì di ìlọ́po mẹ́rin láìtún wáyà ṣe, iye á máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ìyípo dé ìyípo, kò ní dúró. Òótọ́ ni ìwé náà ń sọ: kò sí fóltéèjì kankan tí wáyà yẹn lè fi gbé ẹrù yẹn dé ibùdó kẹta. Bí kọ́ráǹtì ṣe ń pọ̀ sí i ni fóltéèjì ń já wálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìlọ́po wọn kò fi lè pé mọ́. Lórí wáyà gidi, ohun tí ìyẹn máa ń bí ni kí fóltéèjì ṣubú, kí iná agbègbè náà sì lọ. Nítorí náà nígbà tí ìṣirò bá kọ̀ tí kò balẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni láti wá àṣìṣe ìràwọ̀, àmì àti ìpìlẹ̀. Bí a kò bá rí i, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹrù náà.

Kílófóòtì 128.7 ní ibùdó kẹta kò burú, ṣùgbọ́n ká ní a fẹ́ gbé e sókè. Ìlà V3 ti sọ ibi tí a ti máa mú un: 0.04 tó wà ní apá iwájú, tó wá láti mẹ́gáfáà 40. Bí a bá to kapásítọ̀ tó ń pèsè mẹ́gáfáà 40 sí ibùdó kẹta, ìlú náà kò ní nílò láti fa òòfà láti ọ̀nà jíjìn mọ́, 0.04 á sì di òfo. Ìlà náà á di (V1 + V2)/2 − j0.08/V3*. A tún bẹ̀rẹ̀ ìyípo. Ó balẹ̀ sí 1.025 fún ibùdó kẹta, ìyẹn kílófóòtì 135.3. Ibùdó kejì, tí a kò fọwọ́ kàn, gòkè láti 130.8 sí 133.1, torí aládùúgbò rẹ̀ ti gbé e. Mẹ́gáfáà tí ibùdó kìíní ń mú jáde sì já wálẹ̀ láti 110.8 sí nǹkan bí 66. Kapásítọ̀ 40 la tò, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn tó bá ibùdó kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 45: márùn-ún tó lé jẹ́ ohun tí wáyà kò jẹ mọ́, nítorí pé kọ́ráǹtì tó ń gba orí rẹ̀ ti dínkù.